P.S. ní ìsàlẹ̀ ímeèlì ọjà: ìgbà wo ló ń ṣiṣẹ́, ìgbà wo ló ń dí èèyàn lọ́wọ́?

Àdùkẹ́ Kajú (Ògbómọ̀ṣọ́)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Kajú díndín ni mò ń tà ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Inú ọ̀rá gíráàmù 100 la máa ń dì í sí, ogún ọ̀rá ló sì wà nínú páálí kan. N kì í tà á lẹ́yọ-lẹ́yọ. Àwọn ilé ìtajà ńlá àti òtẹ́ẹ̀lì ní Ìbàdàn àti Èkó ni mò ń kọ ímeèlì sí pé kí wọ́n gba ọjà wa sórí pẹpẹ wọn.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní LAUTECH ló ní kí n máa fi P.S. sí ìsàlẹ̀, pé ibẹ̀ ni gbogbo èèyàn ń kà. Mo sì ń fi í sí i. Èsì ń wá o, n ò ní purọ́, àmọ́ kì í ṣe èsì ohun tí mo béèrè. Ẹ wo èyí tí mo fi ránṣẹ́ kẹ́yìn. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ ọ́, mo yí i sí Yorùbá kí gbogbo wa lè jọ wò ó:

> Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ògbómọ̀ṣọ́ la ti ń dín kajú tiwa, ọjọ́ tí a dín in sì wà lára ọ̀rá kọ̀ọ̀kan. Mo fẹ́ fi páálí kan ránṣẹ́ sí yín lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹ fi mọ bí àwọn oníbàárà yín yóò ṣe gbà á. Iye tí a ń tà á wà nínú fáìlì tí mo so mọ́ ímeèlì yìí. Ṣé kí n fi páálí náà ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀?
>
> Èmi ni tiyín, Àdùkẹ́
>
> P.S. Ẹ kú oríire ẹ̀ka tuntun tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí! A tún ń ta oyin àti máńgòrò gbígbẹ o. Ẹ tẹ̀lé wa lórí Instagram. Owó ọkọ̀ kò sí nínú iye tó wà nínú fáìlì.

Ẹnì kan dá mi lóhùn pé, "A dúpẹ́ fún oríire tí ẹ kí wa." Ó tán. Ẹlòmíì ní kí n fi iye oyin ránṣẹ́. Oyin kẹ̀! Kò sọ nǹkan kan nípa páálí kajú tí mo fẹ́ fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣé kí n yọ P.S. yìí kúrò pátápátá ni, àbí bí mo ṣe ń kọ ọ́ ni kò dáa?

Ṣọlá Under G

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Èmi kọ́ ni ọmọ ẹ̀gbọ́n yín o, àmọ́ òótọ́ lọ́rọ̀ tó sọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n ará Jámánì kan wà tó ń jẹ́ Siegfried Vögele, tó fi ẹ̀rọ tọpa bí ojú èèyàn ṣe ń rìn lórí lẹ́tà ìpolówó. Ohun tó rí ni pé ọ̀pọ̀ ló ń ka P.S. kí wọ́n tó padà sókè wá ka ara lẹ́tà. Torí náà, ohun tó bá ṣe pàtàkì jù, ìsàlẹ̀ ni kí ẹ gbé e sí. Ẹ fi lẹ́tà dúdú kirikiri kọ ọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣẹ́ kù, ẹ fi P.P.S. tẹ̀ lé e. Èmi máa ń kọ ímeèlì fáwọn èèyàn gbowó, bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Géèmù Sábó

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé PS4 ni ẹ̀ ń wí tàbí PS5? PS4 méjì wà lọ́wọ́ mi tí mo fẹ́ tà, páàdì mẹ́rin ló bá a wá. Ṣé ímeèlì ni kí n fi polówó rẹ̀ ni?

Ṣọlá Under G

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ géèmù kọ́ o 😂. Ọ̀rọ̀ tí èèyàn máa ń fi kún lẹ́tà lẹ́yìn tó ti fọwọ́ sí i tán ni.

Géèmù Sábó

Háà. Ẹ má bínú. Bí ẹnì kan bá fẹ́ ra PS4 ṣáá, kó pè mí.

Alàgbà Akọ̀wé (Ọ̀yọ́)

Àdùkẹ́, o kú ìnáwó, o kú ìpolówó. Mo ti kọ lẹ́tà ọjà fún ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ní Ìbàdàn láyé ìgbà tó jẹ́ pé inú àpòòwé ni gbogbo rẹ̀ ń gbà lọ, kí n tó padà sílé ní Ọ̀yọ́. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá Ṣọlá lóhùn, torí ohun tó sọ ní òótọ́ nínú, àmọ́ ó gbé e lọ síbi tí kì í ṣe tirẹ̀.

Bébà ni Vögele fi ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Bí o bá tú lẹ́tà bébà, gbogbo ojú ewé náà ló yọ sí ọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí o kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀ ni ẹni tó kọ ọ́, ojú rẹ yóò sì já wálẹ̀ síbi ìfọwọ́sí. P.S. ló wà lábẹ́ rẹ̀ gan-an, ó kúrú, àyè funfun yí i ká. Ìdí tí wọ́n fi ń tètè kà á nìyẹn. Ímeèlì lórí fóònù kò rí bẹ́ẹ̀. Àkọlé àti ìlà bíi mélòó kan lókè nìkan lẹni tó gbà á ń rí. Ìsàlẹ̀ kò tíì sí lójú rẹ̀ títí yóò fi fi àtàǹpàkò fà á débẹ̀. Bí o bá gbé ohun tó ṣe pàtàkì jù sísàlẹ̀, tí òkè kò sì fà á mọ́ra, yóò ti pa ímeèlì náà dé kó tó mọ̀ pé o ní ọ̀rọ̀ gidi lẹ́nu.

Nítorí náà, oríṣi èèyàn méjì péré ló ń dé ibi P.S. rẹ. Ọ̀kan ti ka gbogbo ọ̀rọ̀ tán, ó ń ṣiyèméjì. Èkejì sáré fa ímeèlì náà kọjá láti mọ bó ṣe gùn tó, ó wá dúró lórí ìlà tó gbẹ̀yìn. Ti àkọ́kọ́ ń fẹ́ ohun kékeré kan tí yóò mú iyèméjì náà kúrò. Ti èkejì ń fẹ́ gbólóhùn tí yóò yé e bí kò tilẹ̀ ka òkè rárá. Àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ já síbi ìbéèrè kan náà tí o béèrè lókè. Bí P.S. bá gbé wọn gba ibòmíràn lọ, o ti bá ara rẹ jà nìyẹn.

Wàyí o, jẹ́ ká wo tìrẹ. Nǹkan mẹ́rin lo kó síbẹ̀.

Ìkíni oríire yẹn ló kọ́kọ́ gba èsì lọ́wọ́ rẹ. Ẹni tí a kí gbọ́dọ̀ jẹ́ni, ilé la ti kọ́ ọ. Láti dúpẹ́ ìkíni kò gba ìrònú, láti dáhùn pé "bẹ́ẹ̀ ni, ẹ gbé páálí wá" gba ìrònú, ó tún gba kó lọ bi ẹni tó ń bójú tó pẹpẹ. O fún un ní iṣẹ́ méjì, èyí tó rọrùn ló ṣe, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ pé òun ti dá ọ lóhùn. Kò sóhun tó burú nínú ìkíni náà o. Òkè pátápátá ló yẹ kó wà, kó sì so mọ́ ọjà: "Mo rí i pé ẹ ṣí ẹ̀ka tuntun, mo sì rò pé ẹ̀ ń wá ohun tí ẹ ó fi kún pẹpẹ ibẹ̀."

Oyin àti máńgòrò ni ìkejì. Ẹni tó ti fẹ́ gbà tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yàn. Ẹni tó bá ń yàn kì í tíì rà. Yọ ọ́, kó di ímeèlì tirẹ̀ lọ́jọ́ tí kajú bá ti wà lórí pẹpẹ wọn.

Instagram yẹn, ilẹ̀kùn tó jáde síta lo ṣí fún un. Bó bá débẹ̀, fọ́tò àwọn ẹlòmíì ni yóò máa wò. Fi í sábẹ́ orúkọ rẹ pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù, má pàṣẹ pé kó tẹ̀ lé ọ.

Owó ọkọ̀ ló wá burú jù. O ti sọ iye kan nínú fáìlì, o wá dúró dìgbà tí o fọwọ́ síwèé tán kí o tó sọ pé ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí bí o ṣe jẹ́ olóòótọ́ tó, yóò dà bíi pé o fẹ́ fi pamọ́. Ọ̀rọ̀ owó tó ń lé sí i, inú ara lẹ́tà ni ipò rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tí ó kàn gan-an.

Bí a bá yọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, P.S. rẹ ṣófo. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìgbà yẹn la lè wá béèrè bóyá ohun kan wà tó yẹ níbẹ̀.

Ìyá Onígbá Akẹ̀sán

Bàbá, ẹ ṣeun. Àdùkẹ́ ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Èmi ò mọ ímeèlì o, igbá fínfín ni mò ń tà ní Akẹ̀sán, WhatsApp ni mo fi ń ránṣẹ́ sáwọn oníbàárà mi. Ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́. Ó máa ń fi "ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ fún ọ̀rẹ́ yín" sí ìparí gbogbo rẹ̀. Ṣé irú èyí náà ni ẹ̀ ń sọ? Torí kò tíì sẹ́ni tó bá mi sọ fún ọ̀rẹ́ kankan.

Ṣọlá Under G

Mọ́mì, bí ọ̀rọ̀ bá ti gùn lórí WhatsApp, yóò gé e, yóò fi "Read more" sí i. Ẹni tí kò bá tẹ ibẹ̀ kò ní rí ìparí rárá. Ẹ jẹ́ kó kúrú, tàbí kí ẹ fi ti ọ̀rẹ́ yẹn ránṣẹ́ lọ́tọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rà á, tí inú wọn sì dùn sí i.

Ìyá Onígbá Akẹ̀sán

Lọ́tọ̀ kẹ̀? Wọn ò ní sọ pé mo ń yọ wọ́n lẹ́nu? Jẹ́ kí n bi ọmọ náà ná.

Olùrajà Bódìjà

Ẹ kú iṣẹ́ gbogbo. Ẹ̀yìn tábìlì kejì ni mo jókòó sí. Èmi ni mò ń ra ọjà fún ilé ìtajà kan ní Ìbàdàn, kì í ṣe ẹni tí ẹ kọ tiyín sí o, Ẹ̀gbọ́n Àdùkẹ́, àmọ́ irú rẹ̀ ń wọlé sí mi lójoojúmọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ń kà wọ́n.

Mo ń wo ẹni tó kọ ọ́ àti ohun tó ń tà. Bó bá jẹ́ oúnjẹ inú ọ̀rá, ojú mi ń wá nọ́ńbà NAFDAC. Bí n ò bá rí i, mo ti pa á dé. Kò sí P.S. tó lè gbà á lọ́wọ́ mi mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, mo fẹ́ mọ ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, àti pé bí kò bá tà, ta ló ni àdánù? Ọ̀pọ̀ ló ń sọ dídùn ọjà wọn fún mi. Dídùn rẹ̀ kọ́ ni ọ̀gá mi máa bi mí, ohun tó kù lórí pẹpẹ ni.

Àti ohun kan tí n ò gbà pẹ̀lú Bàbá: bí ẹni tí n ò mọ̀ rí bá kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ sí mi, tí mo rí "P.S." níbẹ̀, ọkàn mi máa ń sọ fún mi pé lẹ́tà tí wọ́n kọ sí igba èèyàn nìyí. Kọ̀ǹpútà ló gbàgbé nǹkan kan bí? Ṣebí wọ́n lè padà sókè lọ fi í sí i kí wọ́n tó fi ránṣẹ́.

Àdùkẹ́ Kajú

Ẹ ṣeun gidi gan-an. Nọ́ńbà NAFDAC wà, ó wà lára ọ̀rá, n ò kàn ronú pé ó yẹ nínú ímeèlì ni. Ti àdánù yẹn náà, a máa ń kó èyí tí kò bá tà padà bí ó bá ku oṣù méjì kó bàjẹ́. Bàbá, ẹ wo èyí bóyá ó dáa:

> P.S. Èyí tí kò bá tà, a ó wá kó o padà, ẹ ò ní pàdánù kọ́bọ̀.

Alàgbà Akọ̀wé (Ọ̀yọ́)

Gbólóhùn náà dára. Ó kúrú, nǹkan kan ṣoṣo ló ń sọ, ẹ̀rù tó ń ba olùrajà gan-an ló sì fọwọ́ kàn. Àmọ́ kò bá ohun tí o béèrè lókè mu. Kí lo ní kí ó ṣe? O ní kó gba páálí kan lọ́fẹ̀ẹ́. Àdánù wo ló wà nínú ohun tí kò fowó rà? Yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ronú nípa páálí ogún tí o fẹ́ tà fún un lẹ́yìn náà, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀kan péré lo fẹ́ kó gbà lónìí. Fi ìlérí yẹn pamọ́ sínú ímeèlì tí o ó fi ní kí wọ́n fowó ra ọjà. Ibẹ̀ ni yóò ti ṣiṣẹ́.

Wá bi ara rẹ pé: ẹni tí wọ́n bá ní kó gba nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́, kí ló ń kọ́ ọ lẹ́sẹ̀? Ọ̀gbẹ́ni Olùrajà, ẹ bá wa dáhùn.

Olùrajà Bódìjà

Ìdààmú rẹ̀ ni. Ta ni yóò gbà á? Ṣé wọn ò ní ní kí n san owó ọkọ̀ nígbà tó bá dé ẹnu géètì? Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí, dírẹ́bà ní òun kò ní gbé ẹrù "ọ̀fẹ́" sílẹ̀ àfi kí n sanwó. Àti pé bí mo bá ti gbà á, ṣé wọn ò ní máa pè mí láàárọ̀ lálẹ́?

Alàgbà Akọ̀wé (Ọ̀yọ́)

Ìyẹn gan-an ni. Àdùkẹ́, báwo ni páálí náà ṣe ń dé Ìbàdàn?

Àdùkẹ́ Kajú

Ọkọ̀ tó ń kó ọjà wa máa ń lọ sí Ìbàdàn ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Owó rẹ̀ kì í pọ̀ bí páálí bá jẹ́ ọ̀kan, àwa fúnra wa la máa ń san án fún èyí tí a bá fún wọn tọ́ wò.

Alàgbà Akọ̀wé (Ọ̀yọ́)

O ti ní P.S. nìyẹn. Gbé e báyìí:

> P.S. Àwa la ó san owó ọkọ̀ páálí náà. Ọkọ̀ wa ń bọ̀ ní Ìbàdàn ní Ọjọ́bọ̀; bí ẹ bá fi nọ́ńbà ẹni tí yóò gbà á ránṣẹ́ kí Ọjọ́rú tó parí, yóò bá a wá.

Kíyè sí i pé ọ̀rọ̀ owó ọkọ̀ náà ló tún padà wá, èyí tí mo ní kí o yọ ní ìsàlẹ̀. Ìyàtọ̀ ni pé ti àkọ́kọ́ ń bu ìlérí rẹ kù, èyí ń fi kún un. Ohun tó bá máa mú inú olùrajà bàjẹ́, jẹ́ kó tètè mọ̀ ọ́n lókè. Ohun tó bá máa fi í lọ́kàn balẹ̀ lẹ́yìn tó ti gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀, ìsàlẹ̀ gbà á.

Ìkejì, èsì tí yóò fún ọ ti kéré. Kò ní láti kọ "bẹ́ẹ̀ ni" kankan, nọ́ńbà kan ni yóò tẹ̀. Ẹni tó sì sáré dé ìsàlẹ̀ láìka òkè, yóò mọ̀ pé páálí nǹkan kan ń bọ̀, pé kò ní sanwó ọkọ̀, àti pé Ọjọ́bọ̀ ni. Bí ó bá fẹ́ mọ ohun tó wà nínú páálí, yóò padà sókè. Ohun tí Vögele rí lórí bébà nìyẹn, o ti jèrè rẹ̀ láìfi gbogbo ọ̀rọ̀ sísàlẹ̀.

Ẹ̀kẹta, Ọjọ́bọ̀ yẹn òótọ́ ni. Àwọn kan máa ń kọ ọ́ sí P.S. pé "ó parí lálẹ́ òní", lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e wọn a tún kọ ọ́. Olùrajà kò ní bá ọ jà, yóò kàn má ka ìsàlẹ̀ ímeèlì rẹ mọ́.

Olùrajà Bódìjà

Bí wọ́n bá kọ èyí sí mi, mo máa dáhùn. N ò tíì sọ pé mo máa ra ogún páálí o, àmọ́ mo máa fi nọ́ńbà akọ̀wé ibi tí a ti ń gba ẹrù ránṣẹ́. Kí ẹ sì jẹ́ kí ọkọ̀ náà dé kó tó di ọ̀sán, wọn kì í gba ẹrù ní ìrọ̀lẹ́ lọ́dọ̀ wa.

Síbẹ̀, mo ṣì ń bi yín: kí ló dé tí a fi ní láti kọ "P.S." sí i? Ẹ kọ gbólóhùn náà gẹ́gẹ́ bí ìpínrọ̀ tó kẹ́yìn kí ẹ tó fọwọ́ sí i, kò ní dín kù.

Alàgbà Akọ̀wé (Ọ̀yọ́)

Yóò dín kù, ọmọ mi. Bó bá ti wà lókè ìfọwọ́sí, ó ti di ara àwọn ìpínrọ̀ yòókù, ẹni tó ń sáré yóò fò ó. Ìfọwọ́sí ló ń yà á sọ́tọ̀.

Olùrajà Bódìjà

Bàbá, ẹ máa bínú sí mi, ìfọwọ́sí yẹn gan-an ni mo máa ń dúró sí. Ohun tó bá wà lábẹ́ rẹ̀, mo máa ń rò pé àdírẹ́sì ilé iṣẹ́ ni.

Alàgbà Akọ̀wé (Ọ̀yọ́)

Ó dáa, ìyẹn tún jẹ́ ọ̀rọ̀. Nítorí náà, abẹ́ orúkọ rẹ gan-an ni kó wà, Àdùkẹ́, kí nọ́ńbà fóònù, àdírẹ́sì àti àmì ilé iṣẹ́ wá tẹ̀ lé e nísàlẹ̀. Bí o bá fi í sábẹ́ àdírẹ́sì, yóò dà bí àkíyèsí lọ́yà. Ti pé kí a kọ "P.S." tàbí kí a má kọ ọ́, èmi àti ẹ̀yin kò ní rẹ́ lónìí.

Ṣọlá Under G

Bàbá, mo gbà fún yín lórí ti fóònù. Ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan kan tí mo fojú rí kún un. Bí Àǹtí bá fẹ́ kọ ímeèlì kejì láti rán wọn létí, tí wọ́n sì kọ ọ́ mọ́ ti àkọ́kọ́, Gmail máa ń wo ohun tó ti wà nínú ti tẹ́lẹ̀, ó máa ń ká a pa mọ́ sábẹ́ àmì tótótó mẹ́ta. Bí P.S. náà bá wà bó ṣe wà nígbà àkọ́kọ́, òun àti àdírẹ́sì lè jọ wọ abẹ́ àmì yẹn, ẹni tó gbà á kò ní rí i àyàfi tó bá tẹ̀ ẹ́. Mo fi ránṣẹ́ sí ara mi, mo rí i bẹ́ẹ̀.

Irú èyí náà ló ń ṣẹlẹ̀ sáwọn tó ń fi ímeèlì aláràbarà ránṣẹ́, tí kóòdù inú rẹ̀ pọ̀. Bó bá ti kọjá kílóbáìtì 102, Gmail yóò gé e, yóò kọ `[Message clipped]`, ohun tó wà nísàlẹ̀ ti lọ nìyẹn. Ti Àǹtí kò lè dé ibẹ̀ torí ọ̀rọ̀ lásán ni. Àmọ́ mo ní oníbàárà kan tó ń ta aṣọ, P.S. tirẹ̀ ò yọjú sí ẹnikẹ́ni rí.

Alàgbà Akọ̀wé (Ọ̀yọ́)

Ti àmì tótótó mẹ́ta yẹn, n ò mọ̀ ọ́n. O ṣeun. Ó tún bá ohun tí mo fẹ́ sọ mu: ímeèlì ìránnilétí kò gbọ́dọ̀ ní P.S. ti tẹ́lẹ̀. Ọjọ́bọ̀ yẹn ti kọjá, ẹ̀rù náà sì lè ti yí padà. Gbólóhùn méjì mẹ́ta ti tó fún ìránnilétí, àti pé ímeèlì tó kúrú bẹ́ẹ̀ kò nílò P.S. rárá. Kí ló fẹ́ bọ́ sílẹ̀ nínú gbólóhùn mẹ́ta tí a ó tún ṣà?

Ṣọlá Under G

Ẹ jẹ́ ká dán an wò báyìí. Àǹtí, ilé ìtajà mélòó ló wà lórí ìwé yín? Ẹ fi èyí tó ní P.S. ránṣẹ́ sí ìdajì, ẹ yọ ọ́ nínú ti ìdajì kejì, ẹ wo èyí tí wọ́n ṣí jù.

Alàgbà Akọ̀wé (Ọ̀yọ́)

Ṣọlá, báwo ni P.S. ṣe lè mú kí èèyàn ṣí ímeèlì? Ó ti ṣí i kó tó rí i. Àkọlé ló ń ṣí i. Àti pé kíkà iye tó ṣí i kò ṣeé gbára lé mọ́. Láti 2021 ni ímeèlì Apple ti ní ètò kan tó máa ń fúnra rẹ̀ gbé àwòrán inú ímeèlì, èyí tí ẹ̀rọ fi ń mọ̀ pé wọ́n ti ṣí i, wọlé fún ẹni tó bá tàn án, ẹ̀rọ rẹ yóò sì ka á pé ó ti ṣí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé onítọ̀hún ń sùn.

Àdùkẹ́ Kajú

Bí ogójì ni wọ́n lápapọ̀, Ìbàdàn àti Èkó.

Alàgbà Akọ̀wé (Ọ̀yọ́)

Ó kéré jù. Bí mẹ́ta bá dáhùn nínú ogún yìí, tí méjì dáhùn nínú ogún yẹn, kí lo fẹ́ fi ìyẹn mọ̀? Ẹnì kan tó rin ìrìn àjò lọ́jọ́ náà lè yí i padà. Ní tìrẹ, ohun tí wọ́n kọ ni kí o máa kà, kì í ṣe iye wọn. Bí èsì bá ń dáhùn ìbéèrè rẹ, P.S. ń ṣiṣẹ́ tàbí, ó kéré tán, kò dí ọ lọ́wọ́. Bí èsì bá ń sọ̀rọ̀ nípa ohun tó wà nínú P.S. nìkan, bíi ti oríire àti oyin yẹn, ó ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara lẹ́tà nìyẹn.

Ṣọlá Under G

Bí líǹkì bá wà nínú rẹ̀ ńkọ́? Èmi máa ń fi èyí sẹ́yìn líǹkì ti ìsàlẹ̀ kí n lè mọ ibi tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́:

```
?utm_content=ps
```

Alàgbà Akọ̀wé (Ọ̀yọ́)

Ó dáa bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ń kọ sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn. Kí líǹkì ti òkè àti ti ìsàlẹ̀ ṣáà gbé èèyàn lọ síbì kan náà. Àdùkẹ́ kò nílò rẹ̀, nọ́ńbà fóònù ló ń wá.

Tísà Ìlọrà

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Níléèwé tiwa, N.B. la máa ń kọ sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà sáwọn òbí. Ọ̀kan náà ṣá ni gbogbo rẹ̀?

Alàgbà Akọ̀wé (Ọ̀yọ́)

Tísà, kò jọra lójú ẹni tó ń kà á. N.B. ń pàṣẹ: ẹ san owó iléèwé kó tó di ọjọ́ báyìí. Ó bá iléèwé mu. Ẹni tó ń wá oníbàárà kò lè máa pàṣẹ fún un.

Àdùkẹ́ Kajú

Bàbá, mo ti gbọ́. Mo ti tún un kọ: oríire ẹ̀ka tuntun wà lókè fún àwọn tó ṣí ẹ̀ka lóòótọ́, nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ wà láàárín, owó ọkọ̀ fún ọjà tí wọ́n bá rà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye nínú fáìlì, Instagram wà lábẹ́ nọ́ńbà mi. P.S. Ọjọ́bọ̀ wà lábẹ́ orúkọ mi. Oyin ti lọ.

Ti Ìbàdàn nìyẹn. Ti Èkó ni kò tíì yé mi. Kò sí ọkọ̀ tiwa tó ń lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kan pàtó, ìgbà tí mo bá rí ẹni tó ń lọ ni mo máa ń fi ránṣẹ́. Ṣé kí n kọ Ọjọ́bọ̀ náà síbẹ̀?

Alàgbà Akọ̀wé (Ọ̀yọ́)

Rárá o. Bí o bá kọ Ọjọ́bọ̀, tí páálí wá dé lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, o ti bà á jẹ́ kí wọ́n tó tọ́ kajú náà wò. Sọ nínú ara lẹ́tà pé páálí yóò dé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àti pé ìwọ lo ni owó ọkọ̀. Fọwọ́ sí i, kí o fi ránṣẹ́ láìsí P.S.

Olùrajà Bódìjà

Níbí yìí, èmi àti Bàbá pàdé.